Agolo Méjì Lọ́jọ́ Ìkórè

Iṣẹ́ Oyèníran nínú ìjọ wa ní Ìgàndò ni kó máa jí àwọn tó bá ń sùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ́ṣà ni, báàjì pupa wà láyà rẹ̀, bó bá sì rí i tí ẹnìkan ń tòògbé nígbà ìwàásù, yóò rọra fọwọ́ kan ẹni náà léjìká. Wàhálà ibẹ̀ ni pé oorun tó ń kun òun alára ju ti gbogbo wa lọ. Lójú mi báyìí ló ṣe fọwọ́ kan ìyá àgbà kan léjìká, tí ìyá jí, tí òun sì sùn lọ lórí ìdúró. Ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká ìyá títí a fi gba ọrẹ tán.

Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ilé búrẹ́dì kan ní Ìdímù ló ti ń po ìyẹ̀fun láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Níbẹ̀, “ìwọ” ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Lọ́dọ̀ wa, “Bùrọ̀dá Oyè” ni. Báàjì yẹn ló sọ ọ́ di èèyàn, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tí Pásítọ̀ Báyọ̀dé wá sọ fún un pé bó bá fi sùn lọ́jọ́ ìkórè ọdún 1998, òun yóò gba báàjì náà fún ẹlòmíì, àyà rẹ̀ já. Títí, ìyàwó rẹ̀, ní kó kúkú ṣàlàyé fún Pásítọ̀ pé òun kì í rí oorun sùn. Oyèníran ní ojú ń ti òun.

Ẹni tí wọ́n jọ ń po ìyẹ̀fun ló fún un ní agolo ohun mímu méjì tó wá láti òkè òkun. Ó ní omi ara akọ màlúù ló wà nínú rẹ̀, pé ẹni tó bá mu ún kò ní mọ oorun. Láàárọ̀ ìkórè, kó tó fi oúnjẹ kankan sínú, Oyèníran da méjèèjì sọ́nà ọ̀fun. Kó má bàa sí àṣìṣe, ó tún jẹ obì àbàtà lé e.

Ìsìn ò tíì dé ìdajì tí ọ̀rọ̀ fi di eré. Ó jí àwọn tó ń sùn. Ó jí àwọn tí kò sùn. Ó jí onídùùrù nídìí dùùrù. Ó sáré jáde lọ tọ̀, ó padà, ó tún sáré jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bò ó, ó sì gòkè lọ fọwọ́ kan Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ léjìká. Pásítọ̀ ní iná Ẹ̀mí ti sọ̀kalẹ̀, ó gbé makirofóònù fún un. Oyèníran gbàdúrà fún ìjọba, fún aboyún, fún iná mànàmáná tó ti lọ, kò dúró mí. Èmi náà ṣe àmín títí ohùn mi fi há.

Lucy, nọ́ọ̀sì ìjọ wa, nìkan ni kò ṣe àmín. Ó fà á wọ yàrá ẹ̀yìn, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo aago. Pásítọ̀, Títí àti èmi tẹ̀lé wọn.

“Bùrọ̀dá, kí lẹ mu?”

Oyèníran yọ agolo kan lápò, ó sì jẹ́wọ́ obì. Lucy ka ara agolo náà.

“Ṣé omi màlúù ni lóòótọ́?” Títí bèèrè.

“Irọ́ ni jàre. Tọ́ríìnì ni wọ́n ń pè é. Ara màlúù ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i láyé àtijọ́, àmọ́ ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é báyìí. Ara tiwa náà ń ṣe é, ó wà nínú ẹran àti ẹja. Kì í ṣe òun ni mo fura sí. Kafíìnì ni, èyí tó wà nínú kọfí. Òun ló ń mú kí àyà yín máa lù kìkì, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ìtọ̀ máa gbọ̀n yín. Ó sì wà nínú obì náà. Ẹ mu ún tán, ẹ tún jẹ ẹ́.”

“Agbára tí mo ní ńkọ́?” Oyèníran bèèrè.

“Ṣúgà wà nínú ẹ̀, ó ń gbéni sókè kíá, kì í sì í pẹ́ wálẹ̀. Àárẹ̀ yín ò lọ ibì kankan o. Kafíìnì kàn di ọpọlọ yín létí ni, kó má gbọ́ ohun tí ara ń sọ. Tó bá ṣíwọ́, ẹ máa gbọ́ ọ. Ẹ mu omi, ẹ jókòó. Tí àyà bá ń dùn yín, ilé ìwòsàn ló kàn.”

Oyèníran kì í purọ́. Nígbà tí àyà rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ó padà gba makirofóònù. “Ẹ̀yin ará, kì í ṣe Ẹ̀mí. Agolo méjì ni, àti obì.”

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀. Ìyá kan tọrọ agolo náà kó lè fi bomi fún ọmọ rẹ̀ mu. Pásítọ̀, tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ létí ara rẹ̀, wo ojú àwọn èèyàn, ó wo igbá ọrẹ, ó sì kéde pé Bùrọ̀dá Oyè ni olórí ìṣọ́ òru wa láti òní lọ, nítorí Ọlọ́run ti mú oorun kúrò lójú rẹ̀. Wọ́n fún un ní báàjì aláwọ̀ wúrà.

Lọ́sàn-án, níbi tí a ti ń ta iṣu àti ọsàn ìkórè, agbára agolo pin. Mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe ń wálẹ̀. Ó tú báàjì wúrà náà, ó fi lé Pásítọ̀ lọ́wọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún ẹlòmíì. Ó rẹ̀ mí. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ̀ mí.”

Ó na ara rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó sùn lọ. Inú bí mi sí gbogbo wa. Ọkùnrin kan ń sùn lórí ìdúró níṣojú wa, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé. Pásítọ̀ rán ọ́ṣà mìíràn pé kó lọ jí i. Títí ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ti gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan. Ó wo ọ́ṣà náà títí ìyẹn fi ká ọwọ́ rẹ̀ kò.