Oyin Tí Mo Gbé Ka Iná

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìṣáná lè dá ògidì oyin mọ̀, ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí i lórí fóònù: ẹnìkan á ti igi ìṣáná bọ inú oyin, á ṣá a, iná á ràn, á wá máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí wúrà he. Èmi náà gba ìṣáná gbọ́ nígbà kan. Mo sì mọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀.

Ìyá mi ń ta oyin ní ọjà Ifangni, nítòsí bodè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ní àpótí oyin ní oko, ní Ko-Koumolou, láàárín ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́. Òun ló ń fi èéfín lé oyin, tó ń gé afárá. Ìyá mi á sẹ́ ẹ, á rọ ọ́ sínú bídọ́ọ̀nù, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onírọ́bà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í fi nǹkan kan kún un, kì í sì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀ àfi ìda àti òkú oyin.

Oníbàárà rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló gbé ọjà náà dúró. Àlájà kan ni, láti òdìkejì bodè, ó sì ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí. Òun ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú oyin wa lọ́dọọdún, tó ń tà á fún àwọn tó fẹ́ sọmọ lórúkọ. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé ló ti ń wá. Á kán ẹ̀kán kan sí ẹ̀yìn ọwọ́, á lá a, á dijú. Adùn lásán ló ń wá, kì í ṣe àyẹ̀wò. Á wá ní, "Ìyá Olóyin, ojú rẹ ni mo ń rà, n kò ra oyin." Gbogbo ọjà ló mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyá mi kì í fi í yangàn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ máa ń yá títí di ọjọ́ ọjà mìíràn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo ti ilé ọkọ wá ràn án lọ́wọ́ nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Òjò tètè dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rù kí òjò má ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ó sì gé àwọn afárá kan tí oyin kò tíì fi ìda dé. Oyin náà ṣàn. Oyin ni, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n omi òjò àti ti òdòdó ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá mi ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá bèèrè: ó ṣàn lọ́dún yìí, ẹ má tọ́jú u pẹ́.

Níwájú wa ni ọkùnrin kan ń ta ohun tó pè ní oyin. Gbogbo wa la mọ̀ pé ṣúgà ló ń sè pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ títí yóò fi ki, tó sì ń ju èérún afárá sí i kí ó lè jọ ti oko. Tí wọ́n bá kán tirẹ̀ sínú omi, á rì sí ìsàlẹ̀ bí òkúta. Tiwa á fọ́n ká. Tí wọ́n bá ti ìṣáná bọ tirẹ̀, á ràn. Tiwa á kàn ṣe ṣíì, á kú. Obìnrin kan láti Daagbé sọ fún ìyá mi lójú wa pé, "Màmá, ẹ ti bu omi sí i."

"Òjò ló bu omi sí i, ìyàwó mi. Èmi kọ́."

Obìnrin náà rékọjá, ó lọ ra ṣúgà. Mo dìde kí n lọ sọ̀rọ̀ sí i, ìyá mi fà mí ní ìró. Ó ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lówó là ń ra èké, kí n jókòó. Mo jókòó, ṣùgbọ́n ara mi ń gbóná.

Nígbà tí Àlájà wá pè pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé bí ẹnìkan bá ṣá ìṣáná lójú rẹ̀ ńkọ́? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní oko. Mo da oyin náà sínú ìkòkò ńlá, mo gbé e ka iná. Ó hó, ó yọ fóòmù, mo ń rò ó títí omi rẹ̀ fi fà. Ó ki, ó sì pọ́n. Mo ti ìṣáná bọ̀ ọ́, mo ṣá a, ó ràn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sí ijó. Mo dá a padà sínú bídọ́ọ̀nù, mo dé e, n kò sọ fún ìyá mi. Mo fẹ́ kí ó yà á lẹ́nu.

Àlájà dé. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè orúnkún. Kí ó tó na ọwọ́, èmi aláṣejù ti yọ ìṣáná. "Àlájà, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín." Mo ṣá a. Ó ràn.

Àlájà wò mí, ó wo ìyá mi. "Ta ló bi yín pé ṣé oyin ni?"

Ó kán ẹ̀kán kan sí ẹ̀yìn ọwọ́, ó lá a. Kò dijú. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. "Èyí ti rí iná."

Ìyá mi na ìka, ó tọ́ ọ wò. Ó yíjú sí mi, mo sì rí i pé ó ti mọ̀. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Èmi ni mo gbé e ka iná, Àlájà. Ó ṣàn jù. N kò fi nǹkan kan sí i."

"Ẹni tó fẹ́ yọ́ ṣúgà nínú rẹ̀ ló ń se oyin," Àlájà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Tí o bá ní ohun tí o lè fi hàn mí pé kò sí ṣúgà níbẹ̀, fi hàn mí."

Kí la ní? Páálí ìṣáná wà lọ́wọ́ mi.

"Tó bá jẹ́ ọmọ rẹ yìí ló ṣe é ni," ó ní, "ǹ bá ní kò mọ oyin. Ṣùgbọ́n ìwọ."

Mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Èmi ni o, Àlájà. Màámi kò sí nílé. Wọn ò mọ̀."

Ó fi ọwọ́ kan èjìká mi, ó sì ń wò mí tàánútàánú. "Ọmọ dáadáa ni ọ́. O fẹ́ bo ìyá rẹ láṣìírí."

Mo búra. Mo tún búra. Bí mo ṣe ń búra tó ni ó ń mi orí, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó kí ìyá mi pé ó dìgbà, ó gun alùpùpù, ó lọ sí ọ̀nà bodè. Kò padà wá mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìyá mi kò bá mi wí. Ó ní kí n bá òun gbé bídọ́ọ̀nù padà sí ààyè rẹ̀, mo sì gbé e. Níwájú wa, ọkùnrin yẹn ń ṣá ìṣáná fún oníbàárà mìíràn, ó sì ń ràn.