Bàbá Tí Wọ́n Pa Nítorí Ọ̀ọ́dúnrún Náírà

Ilé iṣẹ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún wà ní Ikosi, lẹ́yìn ọjà Mile 12. Ata gbígbẹ la ń lọ̀ níbẹ̀, tí a ń dì sínú ọ̀rá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé á sín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwa tí a wà níbẹ̀ ò sín mọ́. Yàrá akáńtì ni mo wà. Sẹ́kọ́ńdírì ni mo kà mọ, iṣẹ́ mi kò sì le: kí n to fọ́ọ̀mù, kí n wo ibi tí ẹnì kan ò kọ nǹkan sí, kí n dá a padà fún un.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni fọ́ọ̀mù owó orí máa ń jáde. Kí wọ́n tó ṣírò owó orí òṣìṣẹ́, àwọn nǹkan kan wà tí òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ kúrò lára owó tó gbà, kí ìjọba má fọwọ́ kàn wọ́n. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń gé lára wa lóṣooṣù wà níbẹ̀. Owó tí èèyàn san fún ìbánigbófò ẹ̀mí ara rẹ̀, tàbí ti ọkọ tàbí aya rẹ̀, wà níbẹ̀. Nígbà yẹn, ìpín lórí ọmọ wà níbẹ̀, ọmọ kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ. Ẹbí tí èèyàn ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò gbọdọ̀ ju méjì lọ, ẹgbàá náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹbí náà sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ogbó tàbí àìlera ti mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tàbí kó jẹ́ ìyá ẹni tó ti di opó.

Ibi opó yìí ni ìríra ti wọlé.

Ọkùnrin kan ló ń ṣe owó oṣù wa. Akáńtì la ń pè é. Ó fẹ́ràn kí iṣẹ́ tètè tán. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní: “Ẹ gbọ́ o. Tí ẹ bá kọ bàbá tó ti darúgbó, ẹ lọ gba ìwé dókítà wá. Tí ẹ bá kọ ìyá tó jẹ́ opó, èmi ò béèrè ìwé kankan.”

Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni purọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ bí ìlà ṣe ń gùn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Láàárín ọdún méjì, ìyá àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ti di opó tán. Ó di ẹ̀fẹ̀.

“Ta lo pa lọ́dún yìí?”

“Bàbá mi ni jàre. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní kí n fi káàdì ránṣẹ́ sóun.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi máa wúkọ́ nínú ata.

Àbúrò mi ọkùnrin wà lára wọn. Èmi ni mo bá a wá iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ dé ọwọ́ mi, mo rí i pé ó kọ ìyá wa síbẹ̀ bí opó, ó sì kọ ọ́ síwájú orúkọ bàbá wa pé ó ti kú. Bẹ́ẹ̀ bàbá wa wà nílé ní Ṣakí, ó ń ṣe oko rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tèmi wà lábẹ́ tirẹ̀. Bàbá wa wà láàyè nínú tèmi.

Akáńtì rí méjèèjì. “Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé bàbá kan náà ló bí yín?”

Mo mú fọ́ọ̀mù náà lọ bá àbúrò mi nídìí ẹ̀rọ.

“Pa á rẹ́,” mo ní.

“Aunty mi, orí bébà ni.”

“O buwọ́ lù ú pé òótọ́ ni.”

“Ta ló fẹ́ lọ sí Ṣakí lọ wò ó?”

“Bàbá ti dàgbà, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Gba ìwé dókítà, kí o kọ ọ́ síbẹ̀ láàyè. Ẹgbàá yẹn náà ni wàá rí gbà.”

“Kí n lọ fi odidi ọjọ́ kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì? Ẹ jọ̀ọ́, Aunty mi, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ohun tó ń kó mi nírìíra jù ni iye tó wà nídìí rẹ̀. Ẹgbàá náírà yẹn kì í ṣe owó tí ìjọba ń kà síni lọ́wọ́. Ṣe ni wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé. Ní ibi tí owó oṣù àbúrò mi dé nígbà náà, ohun tó jẹ nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún náírà lọ́dún, náírà márùndínlọ́gbọ̀n lóṣù. Kò tó ra búrẹ́dì. Wọ́n máa ń ní owó ló ń mú èèyàn ṣe nǹkan burúkú. Èyí ò tó owó. Ó mú fọ́ọ̀mù náà fún Akáńtì bẹ́ẹ̀, Akáńtì sì gbà á.

Nígbà tó yá, ìjọba yọ ìpín ọmọ àti ti ẹbí kúrò pátápátá nínú òfin. Ìlà opó ò sí lórí fọ́ọ̀mù mọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kú nìyẹn. N kò mọ̀ pé nígbà tí wọ́n gbé àkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, inú àwọn fọ́ọ̀mù wọ̀nyẹn ni wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, èmi náà sì bá a lọ. Mo ń ta ìwé àti bírò lójúde ilé mi ní Alápẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé bàbá wa dé láti Ṣakí. Ìpá ni. Ó ti ń fi pamọ́ fún wa tipẹ́, ó ti wá tóbi débi pé kò lè rìn dáadáa. Dókítà ní kí a má jẹ́ kó pẹ́: tó bá lọ́ pọ̀ nínú, ó lè di ikú ní kíá.

Ilé iṣẹ́ ata ní ètò ìlera. Òṣìṣẹ́ lè fi òbí kan sí i, tí wọ́n á máa gé owó rẹ̀ lára owó oṣù, ètò náà sì ń sanwó iṣẹ́ abẹ ìpá. Àbúrò mi ti di súpáfáísọ̀. Mo pè é, ó ní òun á ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Nígbà tó wá sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, kò lè wo ojú mi.

“HR ní bàbá ti kú nínú kọ̀ǹpútà,” ó ní.

“Ìwọ lo pa á. Kí ni wọ́n ní kí o ṣe?”

“Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà pé ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe òótọ́, kí n sì lọ búra ní kóòtù. Aunty mi, kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé mo purọ́ fún ìjọba? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa lé.”

“Kí la máa wá ṣe?”

Ojú rẹ̀ là díẹ̀. Ó ti ronú sí i. Òbí ìyàwó ẹni náà wọnú ètò náà. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ti kú ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ò mọ̀. “Orúkọ bàbá ìyàwó mi la máa fi sílẹ̀. Fọ́tò bàbá la máa lẹ̀ mọ́ ọn. Tí nọ́ọ̀sì bá ti pe orúkọ yẹn, kí bàbá ṣáà ti dáhùn.”

Mo rántí pé mo di etí tábìlì mú. Ọkùnrin tó wà láàyè tó sọ di òkú, ó fẹ́ wá gbé orúkọ òkú wọ̀ ọ́.

Bàbá wa wà lórí àga nínú pálọ̀. Àwa rò pé ó sùn.

“Kí ló dé tí n kò fi lè jẹ́ orúkọ mi?” ó ní.

Àbúrò mi wò mí pé kí n gba òun. N kò gbà á. “Sọ fún wọn,” mo ní.

Ó sọ ọ́ ní ìdajì, ó ń fi ẹ̀rín bò ó. Bàbá wa gbọ́ ọ títí dé òpin.

“O ní mo ti kú.”

“Orí bébà ni, Bàbá.”

“Àìsàn wo ló pa mí?”

“Fọ́ọ̀mù ò béèrè ìyẹn, sà.”

“Ó dáa. Ìyá rẹ wá ń jẹ́ opó. Ṣé ó mọ̀?”

“Rárá, sà.”

“Eélòó ni wọ́n fún ọ?”

Bàbá wa yíjú sí mi, mo sì sọ iye náà gẹ́lẹ́: ọ̀ọ́dúnrún náírà lọ́dún. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì di abẹ́ ikùn rẹ̀ mú nítorí ẹ̀rín náà ń dùn ún. Ìgbà tí ẹ̀rín náà tán ni mo tó rí ojú rẹ̀.

“Lọ kọ lẹ́tà pé mo wà láàyè,” ó ní. “N kò jẹ́ orúkọ àna rẹ.”

“Bàbá, wọ́n á lé mi.”

“Mo gbọ́. Máa lọ.”

Kò kọ ọ́. A dúró dè é títí di ọjọ́ Ẹtì, ìpá náà sì ń dùn ún sí i. Nígbà tó yá, n kò dúró dè é mọ́. Owó ìfẹ̀yìntì mi wà níbi tí ilé iṣẹ́ ń san án sí. N kò tíì pé àádọ́ta ọdún, mo sì ti ju oṣù mẹ́rin lọ láìríṣẹ́ mìíràn. Òfin gba irú mi láyè láti mú ìdá kan nínú mẹ́rin. Mo ti kọ̀ láti fọwọ́ kàn án tẹ́lẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ fi jẹun lọ́jọ́ alẹ́ ni. Mo kọ ìwé, mo mú lẹ́tà ìdádúró iṣẹ́ lọ. Kí wọ́n tó san án, mo ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa. Nígbà tí owó náà dé, mo fi san gbèsè náà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà fún bàbá wa. Orúkọ rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì pè, ó sì dáhùn sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo wọ́ọ̀dù yíjú wò ó.

Àbúrò mi gbé ọsàn wá kí i. Bàbá wa gbà á, ó dúpẹ́ bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò. Láti ọjọ́ náà, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Kò padà sí Ṣakí. Ọ̀dọ̀ mi ló wà, ó ń bá mi jókòó ti ìwé àti bírò, ó sì ń bá àwọn ọmọ iléèwé dúnàá-dúrà.

Òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní. Àbúrò mi pè mí. Mo rò pé ara bàbá ló fẹ́ béèrè.

“Aunty mi, ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan wọ̀nyí. Ẹnì kan ń ta ìbánigbófò ẹ̀mí fún wa níbí. Ó ní wọ́n á máa yọ owó tí a bá san kúrò kí wọ́n tó bu owó orí. Ṣé mo lè rà á sórí Bàbá?”

Bàbá wa wà ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mi, ó ń ka ṣéńjì fún ọmọbìnrin kan.

“Rárá,” mo ní. “Orí ara rẹ tàbí orí ìyàwó rẹ nìkan.”

“Kò sí ti Bàbá rárá?”

“Kò sí.”

“Háà. Ìjọba yìí náà.”

Mo pa fóònù. Bàbá béèrè ẹni tó pè. Mo ní ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè ni. Lẹ́yìn náà, mo wọlé lọ fọ ọwọ́ mi.