Ojú Ìyá Rẹ̀ Nínú Fóònù

Ìyàwó mi ni ó ń tọ́jú owó nílé wa. Èmi ń kan àga àti ilẹ̀kùn ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀yọ́, òun ń rán aṣọ funfun tí àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà ń wọ̀. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn oúnjẹ, inú wálẹ́ẹ̀tì orí fóònù rẹ̀ ni ó ń lọ. Ó sọ fún mi pé ti ilé-ìwé gíga ọmọ wa ni. Ọmọ kan ṣoṣo náà ni a bí, obìnrin ni. N kò béèrè rí pé èló ló wà níbẹ̀. Mo ti ní irùngbọ̀n kí n tó mọ ìwé kà, ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ àwọn àgbà, mo sì gbà pé ẹni tí ó tètè kàwé ni kí ó máa mójú tó irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ilé àdúrà ni ìyàwó mi kú sí. Àìsàn náà kò pẹ́. Ní ọjọ́ kejì a sin ín, kò sì sí ẹni tí ó ronú kan ìwé kankan.

Ọmọ wa mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi ń ṣí wálẹ́ẹ̀tì náà. Nítorí náà, nígbà tí kò bá sí owó lọ́wọ́, ó máa ń yọ owó díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oní-POS. Kò sí ẹni tí ó bi wá léèrè ohunkóhun. Ó dà bí ẹni pé obìnrin náà ṣì ń bọ́ wa.

Lẹ́yìn náà ni yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ gba ọmọ náà. Mo ta pákó tí mo ti sá gbẹ sílẹ̀ fún iṣẹ́, mo fi san owó tí wọ́n ń san láti fi hàn pé ọmọ gba àyè tí wọ́n fún un. Ó wá ku owó ilé-ìwé gan-an, àti ti yàrá kan ní Under G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Inú wálẹ́ẹ̀tì ni ti àwọn yẹn wà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ojú fóònù ìyá rẹ̀ ṣókùnkùn, tí kò tàn mọ́. Ọmọ náà yọ síìmù rẹ̀, ó fi í sínú fóònù tirẹ̀, ó sì tún gbé áàpù wálẹ́ẹ̀tì náà sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Áàpù náà rí i pé fóònù mìíràn ni. Ó ní kí ẹni tí ó ni wálẹ́ẹ̀tì gbé ojú rẹ̀ wá.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wa wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà, ó wá béèrè aṣọ rẹ̀ tí ìyàwó mi gé kalẹ̀ tí kò rí rán tán. Ó gbọ́ ohun tí a ń sọ.

"Ojú ta ni ẹ tún ń wá kiri?" ni ó wí. "Ṣebí ojú rẹ̀ ló wà lọ́rùn ọmọ yìí. Wọ́n kàn pọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni."

"Mà, ẹ̀rọ ni o," ni ọmọ mi wí.

"Ẹ̀rọ wo? Ta ló rí ọ tí kò ní pè ọ́ ní ìyá rẹ? Lọ wé gèlè rẹ̀ kan."

Òótọ́ ni ó sọ. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní ọwọ́ ni gbogbo ayé ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi, tí ó bá ń bọ̀ láti ìta nírọ̀lẹ́, ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń fẹ́ dìde bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ló dé. N kò sọ pé kó má ṣe é. Ó wé gèlè ìyá rẹ̀, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó gbé fóònù sókè. Fóònù ní kí ó ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú. Ó ní kí ó yí orí, ó yí i. Fóònù ní ojú náà kò bá ti ẹni tí ó ni orúkọ náà mu. Ìyá ìjọ ní kí ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, pé ẹlẹ́rìn-ín ni ìyá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó tún gbìyànjú lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà pupa jáde: wọ́n ti ti wálẹ́ẹ̀tì náà pa, kí a kàn sí ilé-iṣẹ́ wọn.

Ọmọ mi tú gèlè náà, ó ká a, ó dá a padà sínú àpótí.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyàwó mi ti ṣí wálẹ́ẹ̀tì yìí, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ṣe POS ní Takie, nígbà tí ó ń kó aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ níbẹ̀. Èmi àti ọmọ lọ bá obìnrin náà lábẹ́ agbòòrùn rẹ̀. Ó wo ohun tó wà lójú fóònù, ó wo ọmọ mi.

"Ta ló ní kí ẹ gbé ojú ọmọ síwájú rẹ̀?"

"Wọ́n ní ó jọ ìyá rẹ̀," ni mo wí.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó jọ ọ́ lójú èmi àti ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ̀rọ yìí ò wá síbi ìkómọ rẹ̀! Ojú tí ìyá fi gba NIN nìkan ló mọ̀. Ẹ ní kí àwọn fúnra wọn wá ṣẹ́jú, ó ti parí."

"Wọn ò sí mọ́."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Hà! Ìyá aláṣọ funfun?" Ó di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n. Tí wọ́n bá béèrè, ẹ ní ìyá rìnrìn àjò."

Ó pe ilé-iṣẹ́ náà, ó yan èdè Yorùbá, ó sì jẹ́ kí ohùn jáde síta. Ọmọbìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni wálẹ́ẹ̀tì náà, sà?"

"Rárá. Ìyàwó mi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn bá wa sọ̀rọ̀."

Oní-POS ń fi ẹnu ṣe é fún mi láìgbé ohùn sókè: ìrìn àjò, ìrìn àjò. Ọmọ mi ń wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, mo máa ń sọ pé ó ti sinmi, tàbí pé wọn ò sí mọ́.

"Ó ti kú," ni mo wí.

Ọmọbìnrin náà ní ẹ kú ara fẹ́ra kù, sà. Ó ní owó ṣì lè wọlé síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè jáde, kí a má sì tún fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ olóògbé ṣí i. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí a máa kó wá. Ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ka iye ènìyàn. Ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ gíga tó máa sọ àwọn tí a yàn láti bójú tó ohun tí olóògbé fi sílẹ̀; òun ni ó ní ó ṣe pàtàkì jù. Ìwé ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ, NIN tèmi, ìwé ìbúra, àti lẹ́tà tí a máa fi sọ báńkì tí wọ́n máa san owó náà sí.

"Sà, ṣé ẹ ṣì ní ìbéèrè mìíràn?"

Mo ní rárá, mo na fóònù sí oní-POS.

"Bàbá, òtítọ́ yín wọ́n o," ni oní-POS wí nígbà tí ó gba fóònù. Nígbà tí ó rí ojú mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má dá mi lóhùn. Ká ní ẹ purọ́, ojú yẹn náà ni wọn ì bá tún béèrè."

Ìwé ìgbéyàwó wà nínú Bíbélì ìyàwó mi. Ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ wà pẹ̀lú rẹ̀. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni ìyàwó mi fi gba NIN, ìwé ìgbéyàwó sì ló máa fi hàn pé òun náà ni. Ìwé ikú ni ó dá wa dúró. Òṣìṣẹ́ tí mo bá ní ọ́fíìsì àwọn tó ń ka iye ènìyàn ní Ọ̀yọ́ béèrè ìwé dókítà. Mo ní ilé àdúrà ni. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní kí n lọ gba ìwé lọ́wọ́ wòlíì, kí n sì lọ búra ní kóòtù.

Wòlíì kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó kọ ọ́ pé arábìnrin náà bọ́ lọ́wọ́ làálàá ayé, ó wọ inú ògo. Kò kọ ọjọ́. Òṣìṣẹ́ dá a padà. Wòlíì kọ òmíràn, ó kọ ọjọ́, ṣùgbọ́n oyè ìjọ ìyàwó mi àti orúkọ tí a ń pè é níbẹ̀ ni ó kọ, èyí tí kò sí nínú NIN. Òṣìṣẹ́ tún dá a padà. Kò bínú. Ó ní, "Bàbá, ẹni tí wọ́n kọ síbí yìí, n ò mọ̀ ọ́n." Ẹ̀kẹta ni ó gbà.

Mo mú ìwé ikú náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin. Onítẹ̀bọmi ni, ilé Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ òun àti àbúrò rẹ̀ dàgbà. Kóòtù ní kí ẹnì kan nínú ẹbí ìyàwó mi dúró pẹ̀lú mi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó jókòó, ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ilé àdúrà yín," ni ó wí, "wọ́n mọ orin kọ. Ìwé ni wọn ò mọ̀ ọ́n kọ."

Mo na ìwé tí kóòtù fún mi sí i. Ó bọwọ́ lùwé. Ó sìn mí dé ẹnu géètì, ó ní kí n kí ọmọ.

Ní Ìbàdàn, ní ibi tí ilé ẹjọ́ gíga ti ń ṣètò ogún, akọ̀wé ní a máa kéde ẹ̀bẹ̀ wa nínú ìwé ìròyìn, a máa mú oníídúró wá, a ó sì dúró bóyá ẹnikẹ́ni máa takò ó. Ó ní kí a kọ iye tó wà nínú wálẹ́ẹ̀tì náà. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ó fún wa ní fọ́ọ̀mù kan tí ilé-iṣẹ́ náà máa fi kọ ọ́. Ọmọ mi ya àwòrán rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n fèsì pé àwọn kò lè sọ iye náà fún ẹnikẹ́ni títí a ó fi mú ìwé àṣẹ kóòtù wá. Ọmọ mi ka èsì náà fún mi ní ìdúró, níwájú ilé ẹjọ́. A padà wọlé, a fi han akọ̀wé. Ó ní kóòtù ló ń béèrè, kì í ṣe ẹnikẹ́ni lásán, kí a tún fi í ránṣẹ́. A tún fi ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ti rí i, àwọn ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ nígbà tí ilé-ìwé ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Mo ti lọ bẹ àwọn tí mo lè bẹ̀. Ọwọ́ kò tẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà lọ sí Under G, ó lọ gba bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò tí ó ti gbé sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó dé, kò sunkún níwájú mi. Ó ṣí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀, ó da epo sí i. Aṣọ ìyá ìjọ yẹn ni ó kọ́kọ́ rán parí.

Ó ń rán aṣọ títí di òní. Tí ó bá tẹrí ba bẹ́ẹ̀, tí ojú rẹ̀ súnmọ́ abẹ́rẹ́, n kì í wò ó pẹ́.

Síìmù náà wà lọ́dọ̀ mi, nínú fóònù kékeré tí mo rà nítorí rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni ilé-iṣẹ́ wálẹ́ẹ̀tì ní àwọn máa pè nígbà tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì lo síìmù fún ìgbà pípẹ́, àwọn tó ni síìmù lè gbà á, kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Nítorí náà mo máa ń ra káàdì sí i. Ẹni tó ń tà á ní àdúgbò wa máa ń béèrè pé nọ́ńbà ta ni.

"Ti ìyàwó mi," ni mo máa ń wí.

"Ẹ bá mi kí wọn o, Bàbá."

Mo máa ń ní wọ́n á gbọ́.