Nọ́ńbà Gánà Tí Mo Pa Rẹ́

Ẹnu mi yìí ló kó bá mi. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rán mi lọ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ àfidánrawò, mo bá ọkùnrin tó wá yẹ iṣẹ́ mi wò jiyàn, ó sì ní mo fìdí rẹmi. Èyí ni ìgbà kejì. Bí mo bá tún kùnà, kò sí ìwé ẹ̀rí mọ́ nìyẹn.

Ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan l'Ọ́fà ni wọ́n gbé mi sí. Lọ́jọ́ ìdánwò mi, olùkọ́ tó kọ́ èmi fúnra mi ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé ló wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì, bíró pupa lọ́wọ́. Inú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ ni mo ti mú àpẹẹrẹ tí mo kọ sójú bọ́ọ̀dù: ní Nàìjíríà, òṣìṣẹ́ kan lè wa iṣu méjìlá lóòjọ́, tàbí kó hun aṣọ mẹ́fà. Ní Gánà, iṣu mẹ́rin ni, tàbí aṣọ méjì.

"Nàìjíríà ju Gánà lọ nínú méjèèjì," ni mo wí. "Àǹfààní pọ́ńbélé nìyẹn. Ṣùgbọ́n àǹfààní ìfiwéra kò béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ohun tó ń béèrè ni pé, kí lo máa pàdánù kó o tó rí èyí?"

Ọmọbìnrin kan tó máa ń gun ọ̀kadà wá láti Ìjàgbò nawọ́. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ní Nàìjíríà, iṣu méjì la máa pàdánù lórí aṣọ kan. Ní Gánà náà, iṣu méjì ni. Kí ni wọ́n wá fẹ́ rà lọ́wọ́ ara wọn?"

Yéè! Mo yíjú sí bọ́ọ̀dù. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí àdánù wọn bá dọ́gba, kò sẹ́ni tó ní àǹfààní ìfiwéra, kò sì sí èrè kankan nínú pàṣípààrọ̀. Bí mo bá ní ọmọ yìí tọ̀nà, ọ̀gá tó wà lẹ́yìn yẹn ni mo dójú tì. Bí mo bá sì pa á lẹ́nu mọ́, mo ti purọ́ fún odidi kíláàsì.

"O káre," ni mo wí. "Àṣìṣe ni." Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu aṣọ méjì Gánà kúrò, mo kọ mẹ́rin. "Ó yá, ẹ ṣírò!"

Ni ariwo bá sọ. Nàìjíríà ṣì jù nínú méjèèjì, àmọ́ aṣọ kan ti di iṣu kan ní Gánà, ó ṣì jẹ́ méjì lọ́dọ̀ wa. Iṣu kan ń ná wa ní ìlàjì aṣọ, ó ń ná Gánà ní odidi. Kí Nàìjíríà máa wa iṣu, kí Gánà máa hunṣọ! Mo ní kí wọ́n fi iṣu mẹ́ta pààrọ̀ aṣọ méjì. Àwa tí à bá pàdánù iṣu mẹ́rin lórí aṣọ méjì, mẹ́ta péré la san. Gánà tí ì bá rí iṣu méjì dípò aṣọ méjì, mẹ́ta ló gbà.

"Iṣu kọ̀ọ̀kan ni oníkálukú jẹ lérè!" ọmọ Ìjàgbò yẹn kígbe. Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Díẹ̀ ló kù kí n jó.

Agogo lù. Olùkọ́ mi dìde, kò rẹ́rìn-ín. Ó wo bọ́ọ̀dù títí. Ó wá yọ ìwé tirẹ̀ nínú báàgì, ó fi bíró pupa fagi lé aṣọ méjì Gánà, ó kọ mẹ́rin.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi nígbà tí mo kọ́ ọ?" ló bi mí.

"Ẹ má bínú, sà. Èmi náà ò ṣírò ẹ̀."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó fa fọ́ọ̀mù máàkì mi sún mọ́ra, ó kọ A gàdàgbà sí i.