Káàdì Inú Agolo Méjì

Níbi iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì Ọ̀la ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òun ló ń fọ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, òun ló ń da ìgbẹ́ àwọn aláìsàn nù, òun ló ń pààrọ̀ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tí kò ní gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé lọ́la òun á di nọ́ọ̀sì. Ẹ̀fẹ̀ ni àwọn tó fún un lórúkọ yẹn pè é. Òun náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, torí tí kò bá rẹ́rìn-ín, ẹkún ló kù.

Òfin kan wà nílé ìwòsàn náà. Òṣìṣẹ́ tó bá yege nínú ìdánwò ìwọlé sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kó tó pé ogójì ọdún, wọ́n á máa san owó oṣù rẹ̀ títí á fi kàwé tán. Ẹni tó bá ti pé ogójì, kó gbá ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni. Ọmọ mẹ́ta ló bí, ọkọ rẹ̀ ń tún mọ́tò ṣe, owó tó ń wọlé ò sì lè gbé owó ilé ìwé lọ́nà mìíràn. Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù fún un.

Tíṣà tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́ nírọ̀lẹ́ ló kọ́ ọ ní ètò káàdì. Ọkùnrin gbígbẹ kan ni, kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó ní kó gé páálí sí káàdì, kó kọ orí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, bí ewéko ṣe ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ, bí iná ṣe ń gba inú wáyà kọjá. Agolo kan fún èyí tí kò tíì kà, agolo kejì fún èyí tó ti kà.

Tíṣà ní, "Ní alaalẹ́, mọ iye káàdì tó kù nínú agolo àkọ́kọ́. Mọ iye ọjọ́ tó kù. Yọ ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kúrò nínú ọjọ́ yẹn, torí ẹ̀kọ́ tuntun ò gbọdọ̀ wọ ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Wá fi ọjọ́ tó kù pín káàdì tó kù. Ohun tó bá jáde ni iṣẹ́ ọ̀la. Tó o bá dín iye náà kù lónìí, iṣẹ́ ọ̀la á le sí i. Tó o bá ṣe kọjá iye, á rọ̀ ẹ́ lọ́rùn."

Obìnrin náà bi í pé, "Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn wá ńkọ́, sà?"

"Máa fa káàdì yọ láti agolo kejì. Bẹ̀rẹ̀ látòkè, níbi èyí tó o kà kẹ́yìn. Èyí tó o bá lè ṣàlàyé, dá a padà síbẹ̀. Èyí tí o ò bá lè ṣàlàyé, sọ ọ́ sínú agolo àkọ́kọ́, kó o tún un kà."

Ọgọ́fà káàdì ló gé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ọgọ́ta ọjọ́ ló wà níwájú rẹ̀ láìka ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ó sì jáde sí káàdì méjì lóòjọ́. Ta ni káàdì méjì máa pa? Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Á ti ibi iṣẹ́ dé, á gbé oúnjẹ fáwọn ọmọ, á jókòó sí tábìlì ìdáná pẹ̀lú ìwé àlòkù tí ẹni mẹ́ta ti fàlà sí kó tó dọ́wọ́ rẹ̀, á ka méjì, á ju méjì sínú agolo kejì. Ìró tí káàdì ń ṣe nísàlẹ̀ agolo yẹn dùn mọ́ ọn ju orin lọ.

Nígbà tó kà á dé ogójì, àbíkẹ́yìn rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. Ibà náà ń lọ, ó ń bọ̀. Ìgbà yẹn náà ni ẹnì kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, tí wọ́n da iṣẹ́ tonítọ̀hún lé e lórí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọjọ́ tí kò ṣí ìwé. Nígbà tó padà sórí tábìlì, ọgọ́rin káàdì ń wò ó lójú, ogún ọjọ́ ló sì kù. Mẹ́rin lóòjọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka mẹ́rin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó ń sùn lórí ìwé, itọ́ ń dà sójú ewé, ọkọ rẹ̀ á sì wá gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń fọ abọ́, ó ń wẹ àwọn ọmọ. Àwọn ìyàwó kan wà tí wọ́n á fi apá kan ra irú ọkọ bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́, iye náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mẹ́rin di mẹ́ta. Inú rẹ̀ dùn, ó ní àṣé bí tíṣà ṣe wí náà ni, ẹni tó bá tẹra mọ́ ọn, á rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Alẹ́ ọjọ́ kan ló yà á lẹ́nu, torí mẹ́ta péré ló rántí pé òun kà, àfi bíi pé márùn-ún ló dín.

Ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá ọmọ mi, ṣé àwọn ọmọ wọ̀nyí ò fọwọ́ kan káàdì mi?"

"Ta ló fẹ́ fọwọ́ kàn án? Ìwọ lo kà á. Oorun á ti máa gbé ẹ lọ, o ṣì ń kàwé. Báwo lo ṣe fẹ́ rántí?"

Ó gbà. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbéni lọ sórí bẹ́ẹ̀dì ni, ta ni kò ní gbà? Kí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn tó wọlé, agolo àkọ́kọ́ ti ṣófo. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fọwọ́ gbá a ní ìdí, ó sì jó yípo tábìlì ìdáná. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní alẹ́ tó tẹ̀ lé e ló bẹ̀rẹ̀ sí í fa káàdì yọ. Káàdì mẹ́wàá tó wà lókè ni, èyí tó yẹ kó ṣì gbóná lórí rẹ̀. Ó mú àkọ́kọ́, ó ṣàlàyé rẹ̀ já geere. Ó mú ìkejì, "Bí ewéko ṣe ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ." Kò rí nǹkan kan sọ. Kì í ṣe pé ó gbàgbé ìdajì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá, bíi yàrá tí ẹnikẹ́ni ò gbé rí. Nínú mẹ́wàá, mẹ́rin ló rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ìwé, ó wo ojú ewé náà. Ilà wà lábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ bóyá tirẹ̀ ni tàbí ti ẹni tó kọ́kọ́ ni ìwé?

Ó dá mẹ́rin padà sínú agolo àkọ́kọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mẹ́ta tún wọlé tọ̀ wọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹ̀rù ti ba orí rẹ̀ jẹ́ débi pé èyí tó kà dáadáa gan-an ò jáde mọ́. Kíndìnrín tó mọ̀ bí ẹní mowó, ẹnu rẹ̀ wúwo níbẹ̀. Agolo tó ti dojú dé tún ń kún, ọjọ́ sì ń tán. Ó pín in, iye tó jáde ju mẹ́rin lọ.

Ó gbé orí lé tábìlì, ó bú sẹ́kún. Ọkọ rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀, ó ń bó ọsàn fáwọn ọmọ.

"Ọpọlọ mi ti bàjẹ́," ló ń wí. "Mo kà á, mo fọwọ́ ara mi sọ ọ́ sínú agolo, kò sì sí níbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ọpọlọ abiyamọ tó ti ń lọ sí ogójì, ajere ni."

Ọkùnrin náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó ní, "Má da ara ẹ láàmú. Kì í ṣe tipátipá." Ó tún mú ọ̀bẹ, ó ń bó ọsàn lọ.

Kò lọ sí ìdánwò náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó lọ gbá wọ́ọ̀dù. Nígbà tí tíṣà pè é lórí fóònù, ó ní ara òun ò yá. Láti ìgbà náà, tí ọmọ rẹ̀ bá gbé ìṣirò wá bá a, á ní kó lọ bá bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ò mọ nǹkan kan, olódo ni. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́. Àwọn ọmọ náà kọ́ láti máa fi ẹ̀rín gbọ́ ọ.

Ó tó oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin tó wá kí wọn lọ́jọ́ Àìkú kan. Wọ́n ti jẹun tán, ọ̀rọ̀ ń dùn, ẹ̀gbọ́n náà sì ń ṣàwàdà pé àbúrò òun ò mọ ìyàwó ṣìkẹ́.

"Èmi kẹ̀?" ni ọkọ rẹ̀ wí, ẹ̀rín sì ti gba ojú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bi í. Nígbà tó ní òun fẹ́ ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì, tí ìwé fẹ́ pa á, èmi ni mo gbà á sílẹ̀. Tó bá ti sùn, màá kó káàdì méjì mẹ́ta láti inú agolo kan sí ìkejì, kí iṣẹ́ ọjọ́ kejì lè fúyẹ́. Káàdì yẹn á tó ogún. Kò mọ̀ títí dòní!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwo ló wà lọ́wọ́ ìyàwó. Ó gbé wọn sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ogún," ló wí.

"Àánú ẹ ló ṣe mí."

"Mo gbọ́ ti àánú. Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, tí mo jókòó síbí tí mò ń sunkún pé ọpọlọ mi ti bàjẹ́, iwájú mi lẹ jókòó sí. Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Ẹ̀rín kú lójú ọkùnrin náà. "Mo rò pé inú á bí ẹ."

"Ìyàwó wa," ni ẹ̀gbọ́n wí, "ìfẹ́ ló fi ṣe é o. Ṣé ti pé èèyàn fẹ́ràn ẹni ló wá di ẹjọ́?"

Ọkọ rẹ̀ ni ìyàwó dojú kọ, ohùn rẹ̀ ò sì ròkè. "Ogún káàdì. Ká ní ẹ sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ǹ bá kà á. Bí mi ò tiẹ̀ kà á tán, ǹ bá ṣì lọ ṣe ìdánwò náà. Àti ìgbà yẹn ni mo ti ń pe ara mi ní olódo lójú àwọn ọmọ mi, tí ẹ sì ń gbọ́."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó ní, "Má bínú. Ká ra ìwé tuntun. Wàá tún un ṣe lọ́dún yìí, mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Mo pé ogójì lóṣù tó kọjá," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ ra bàtà fún mi lọ́jọ́ ìbí náà."