Ewé Tí Kò Hù Rí

Ìyá Òkúta ni wọ́n ń pè é ní mùsíọ́mù, bẹ́ẹ̀ kò bí òkúta kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo àwòrán òkúta tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ látorí fóònù wọn, kó sì sọ fún wọn bóyá fọ́sìlì ni, ìyẹn ohun abẹ̀mí ayé àtijọ́ tó ti di òkúta, tàbí òkúta lásán. Òkúta lásán ló máa ń pọ̀ jù. Ẹnì kan á hú òkúta roboto nínú ọgbà rẹ̀, á ní ẹyin ẹranko abàmì ni òun rí. Ẹlòmíì á ní egungun òmìrán ni. Tó bá sọ òótọ́ fún wọn, wọ́n á bínú bí ẹni pé òun ló jí ẹyin náà jẹ. Ó ti mọ́ ọn lára. Á rẹ́rìn-ín, á sì dá wọn lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí kò sẹ́ni tínú rẹ̀ máa dùn láti gbọ́ pé ohun tí òun fọwọ́ méjèèjì gbé wálé kì í ṣe nǹkan kan.

Àmọ́ àwòrán tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan kò pa á lẹ́rìn-ín rárá. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá ló ti wá.

Ọ̀gá ló kọ́ ọ níṣẹ́, nínú yàrá yìí kan náà, láàárín àwọn dúrọ́ọ̀ tí eruku òkúta kì í tán lára wọn, kí bàbá náà tó fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin tó le koko ni. Ẹni tó bá ya àwòrán òkúta láìfi rúlà tì í kí ìwọ̀n rẹ̀ lè hàn, tó wá gbé e síwájú Ọ̀gá, ojú onítọ̀hún á rí màbo lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í bínú sí ni ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ kan tó bí, tó máa ń tẹ̀ lé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta láti kékeré. Àìsàn ló mú ọmọ náà lọ lọ́dún tó kọjá, kò sì pẹ́ lórí ibùsùn.

Ohun tí Ọ̀gá kọ sábẹ́ àwòrán náà nìyí: "Bá mi wo ewé yìí dáadáa. Mi ò rí irú ẹ̀ nínú ìwé kankan. Ibi témi àtọmọ mi jọ máa ń lọ ni mo ti rí i. Tó bá jẹ́ ewé tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí rí, orúkọ ọmọ mi ni mo máa sọ ọ́. Ìwọ ni ojú kejì."

Òfin tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ṣe ni ti ojú kejì. Ẹni tó rí òkúta kò gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, torí ọkàn èèyàn máa ń fẹ́ràn ohun tó bá fi òógùn wá. Ẹlòmíì tí kò sí níbẹ̀ ló máa wò ó, tí ojú kejì bá sì ní kì í ṣe fọ́sìlì, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Ìyá Òkúta fẹ àwòrán náà títí ó fi kún ojú kọ̀ǹpútà. Ó rẹwà. Ẹ̀ka dúdú tín-ín-tín-ín ló yọ lára òkúta funfun, wọ́n ń pín, wọ́n tún ń pín, ẹni tí kò mọ̀ á búra pé ewé igbó ló tẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Àmọ́ àyà rẹ̀ já. Iwájú gan-an ni iná ti tàn sí òkúta náà, kò sì sí rúlà. Èyí tó wá burú jù, wọ́n ti gé etí òkúta náà kúrò nínú àwòrán. Ọ̀gá tí òun mọ̀ kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láé.

Ó pè é.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ṣó o ti rí i?"

"Mo ti rí i, sà. Ó rẹwà gan-an."

"Mo bi ẹ́ bóyá ó rẹwà ni?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí ohùn àtijọ́ nìyẹn. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ bá mi ya òmíì. Kí iná tọ́ọ̀ṣì wá láti ẹ̀gbẹ́, kó wálẹ̀ dáadáa. Kí etí òkúta hàn, kẹ́ ẹ sì fi rúlà tì í."

"Èmi lo wá ń kọ́ báyìí?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, sà."

Ìyàwó Ọ̀gá ló fi àwòrán tuntun náà ránṣẹ́ lọ́sàn-án, ó sì pè tẹ̀ lé e. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó sá sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná.

"Ọmọ mi, láti ìgbà tí bàbá yín ti rí òkúta yìí ni wọ́n ti tún ń jẹun. Wọ́n ń fá irùngbọ̀n. Orúkọ ọmọ yẹn ló wà lẹ́nu wọn tọ̀sán-tòru. Tó bá ṣeé ṣe, jọ̀ọ́, jẹ́ kó jẹ́ ewé."

"Ẹ fún mi láyè kí n wò ó, mà."

Ó wò ó. Tí ewé bá wọ inú ẹrẹ̀ tó wá di òkúta, ó sábà máa ń fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀, yálà kó jìn tàbí kó yọ, iná ẹ̀gbẹ́ á sì mú kí òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ hàn níbẹ̀. Òjìji kankan kò sí níbí. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, bí ìgbà tí yíǹkì bá ta sí aṣọ. Ewé máa ń ní ọ̀pá àárín, àwọn iṣan á sì yà kúrò lára rẹ̀ létòlétò. Èyí kò ní ọ̀pá kankan, ibi tó bá wù ú ló ń yà sí. Ní etí òkúta, níbi tí Ọ̀gá gé kúrò tẹ́lẹ̀, ìlà ìsán kan wà, ìyẹn ibi tí òkúta ti sán, tó rí bí irun orí, ìdí gbogbo ẹ̀ka náà sì wà lójú ìlà yẹn. Omi ló gba ibẹ̀ wọlé, ó gbé èròjà dúdú dání, ó sì fi àbàwọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ohun abẹ̀mí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ó jókòó síbẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ṣé kó parọ́ ni? Bàbá náà á máa jẹun. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá kọ̀wé nípa ewé yìí, àwọn tó mọṣẹ́ á fi rẹ́rìn-ín, orúkọ ọmọ náà ni wọ́n á sì máa pè bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín. Kò lè fara mọ́ ìyẹn. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ gidi nígbà tó tún pe Ọ̀gá.

"Kì í ṣe ewé, sà. Ẹ dákun."

"Má bẹ̀ mí. Sọ ohun tó o rí."

Ó sọ ọ́ tán: ó tẹ́jú, kò lọ́pàá àárín, ẹ̀ka rẹ̀ kò létò, ojú ìsán ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

"O ò béèrè ìkejì rẹ̀," ni Ọ̀gá wí. "Tí wọ́n bá la òkúta tí ewé wà nínú ẹ̀ sí méjì, báwo ló ṣe máa ń rí?"

"Ó sábà máa ń yọ lápá kan, kó jìn lápá kejì, sà."

"Mo ní apá kejì nílé níbí. Apá méjèèjì ló tẹ́jú. Mo ti fọwọ́ pa á títí." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi ni mo gé etí ẹ̀ kúrò. Mo rí ìsán yẹn. Mi ò kàn fẹ́ kó wà níbẹ̀ ni."

Ọ̀gá tún bi í.

"Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò wà láàyè rí, àbí?"

"Rárá, sà. Kò wà láàyè rí."

"Ọmọ mi wà láàyè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó wà láàyè."

"Ó wà láàyè. Ó sì ti kú." Ohùn bàbá náà já. "Ọmọ mi ti kú o."

Igbe ló wá bọ́ sẹ́nu fóònù, igbe àgbàlagbà, tí kò ṣeé gbọ́ sétí. Ìyá Òkúta gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń sáré bọ̀, tó ń pe orúkọ ọmọ wọn, tí àwọn méjèèjì jọ ń pè é. Kò pa fóònù. Ó gbé e mọ́ etí, òun náà ń sunkún, àwòrán òkúta náà sì ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà níwájú rẹ̀.