Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Yọ Kúrò

Èmi ni mo da omi sí ìyá mi lọ́wọ́ tó fi ṣe àlùwàlá, lọ́jọ́ tí mo mú un lọ búra èké. Kò mọ̀ pé èké ni. Èmi mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Nínú ilé ni wọ́n bí mi sí, ní Ìkọ̀tún, lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tó ń gbẹ̀bí fún gbogbo àdúgbò. Kò sẹ́ni tó lọ forúkọ mi sílẹ̀ níbì kankan. Bàbá mi fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n wá kun ilẹ̀kùn náà lọ́dún Iléyá kan, ọ̀dà bo ọjọ́ ìbí mi mọ́lẹ̀. Bàbá mi ti kú báyìí. Ìyá mi nìkan ló kù tó mọ̀.

Nígbà tí mo lọ gba nọ́ńbà NIN, ẹni tó ń kọ orúkọ bi mí pé ọdún wo ni wọ́n bí mi. Ìlà gùn lọ́jọ́ náà, gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ la sì ń yọ díẹ̀ kúrò lára ọjọ́ orí wa. Ẹni tó wà níwájú mi yọ ọdún márùn-ún, ó ní torí bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú irùngbọ̀n lẹ́nu. Èmi yọ mẹ́ta. Mi ò tilẹ̀ ní ohun tí mo fẹ́ fi ṣe nígbà náà. Mo kàn yọ ọ́ ni ṣá.

Nígbà tó yá ni ìjọba ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ àwọn tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó. Táìlì ni mo ń lẹ̀, orúnkún mi sì ti ń ké. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn débi pé mo ń lá àlá aṣọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti ju ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lọ, kó má wulẹ̀ gba fọ́ọ̀mù. Mo ti pé ọgbọ̀n. Nínú NIN mi, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí.

Wọ́n ní kí ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí ìbí lọ gba ìwé ìbúra ọjọ́ orí ní kọ́ọ̀tù. Mo rò pé èmi ni màá búra fún ara mi. Wọ́n ní rárá o, ta ló lè fojú ara rẹ̀ rí ọjọ́ tí wọ́n bí i? Òbí ló ń ṣe é, tàbí àgbà kan nínú ẹbí tó mọ̀ nípa ìbí náà.

Mi ò sọ fún ìyá mi ju pé kó wá sọ ní kọ́ọ̀tù pé òun ló bí mi. Èédú ló ń tà ní Ìgàndó, ó ń da èédú sínú àpò lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé bá a. Ó ní, ṣé ẹnì kan ń jiyàn ẹ̀ ni? Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ó lọ ya pásípọ́ọ̀tù, nítorí fọ́tò ẹni tó búra ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ìwé náà.

Àárọ̀ kùtù la kúrò nílé lọ sí Ìkẹjà. Nínú ọkọ̀, mo ń gbàdúrà pé kí wọ́n má ṣe bi í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Irú àdúrà wo nìyẹn?

Ọmọbìnrin kan wà nítòsí ọgbà kọ́ọ̀tù tó ń tẹ̀wé lórí kọ̀ǹpútà. Mo ti kọ ọjọ́ àti ọdún tí mo fẹ́ sẹ́yìn bébà kan láti ilé, mo rọra tì í sí i lábẹ́ ọwọ́. Ó bi ìyá mi ní orúkọ, ẹ̀sìn, iṣẹ́ àti àdírẹ́sì, nítorí orúkọ ìyá mi ni ìwé náà máa fi sọ̀rọ̀: èmi, lágbájá, ni mo bí lágbájá, ní ibi báyìí, ní ọjọ́ báyìí, wọn ò sì forúkọ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà. Kò bi í ní ọdún. Ó wo bébà tèmi, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Mọ́tò kan tí wọ́n fi ń kó ẹlẹ́wọ̀n yà wọ inú ọgbà. Ìyá mi wo àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ó ní ṣé ọjọ́ orí ni àwọn náà wá búra fún. Ọmọbìnrin náà fi ẹ̀rín dá a lóhùn pé, “Àwọn mìíràn nínú wọn, Ìyá, ìbúra èké ló gbé wọn débẹ̀.” Àwàdà ló ń ṣe. Mo wo ọwọ́ ìyá mi, mo sì ń wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn.

Mo lè dá a dúró níbẹ̀. Mi ò dá a dúró.

Lẹ́yìn tí a san owó ìbúra, ó kù ká wọlé. Ìyá mi ní òun ò lè fi ọwọ́ báyìí di Kùránì mú, òun fẹ́ ṣe àlùwàlá. Mo ní wọ́n máa ti ilẹ̀kùn o. Ó ní kí wọ́n tì í. Mo ra omi oníláílọ́ọ̀nù méjì, mo fi eyín já etí rẹ̀, mo sì ń da á sí i lọ́wọ́ lẹ́bàá gọ́tà. Ó fọ ẹnu. Ó fọ imú. Ó fọ ojú. Bó ṣe ń fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, èédú tó ti wọ inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò ṣí, ó sì ń fi sùúrù fọ̀ ọ́. Mo ń kánjú da á, omi ń ta sí i láṣọ. Ó ní kí ni mò ń kánjú sí, ṣé èmi ni màá búra ni?

Obìnrin tó ń gba ìbúra jókòó sẹ́yìn tábìlì, Bíbélì àti Kùránì wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ó wo ìwé, ó wo fọ́tò, ó wo ojú ìyá mi. Ó bi í bóyá ó mọ̀wé. Ìyá mi ní òun ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n òun mọ ọmọ òun. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá pe bàbá akọ̀wé kan. Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí: ẹni tí kò bá mọ̀wé, wọ́n gbọ́dọ̀ ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà sí i létí ní èdè rẹ̀ kó tó tẹ̀ka. Mo ti rò pé òǹtẹ̀ lásán ni.

Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Orúkọ. Àdúgbò. Pé inú ilé ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ń mi orí. Nígbà tó ka ọdún, ìyá mi ní òun ò mọ ọdún òyìnbó, kó sọ iye tó jẹ́. Bàbá náà fi ìka ṣírò.

“Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.”

“Rárá,” ìyá mi ní. “Àbúrò rẹ̀ nìyẹn.”

Bàbá náà ní àbúrò dà? Ìyá mi ní ó ti kú, kò tíì rìn nígbà tó kú. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni òun àti ìyàwó onílé bímọ, tìyàwó onílé jẹ́ ìbejì, tòun jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo. Àwọn ìbejì náà ti pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó sì ń fi wọ́n ka ọdún ọmọ tirẹ̀. “Èyí tó wà níhìn-ín yìí ti ń lọ iléekéwú nígbà náà. Ọdún mẹ́ta ló fi ju ìyẹn lọ.”

Mo mọ̀ pé àbúrò kan wà tó kú. Mi ò mọ̀ pé ìyá mi ṣì ń ka ọdún rẹ̀. Ọdún tó jẹ́ tirẹ̀ ni mo jí.

Obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀, ó bi í pé ta ló sọ ọdún yìí fún ẹni tó tẹ̀wé. Ìyá mi yíjú sí mi. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé bóyá ọmọbìnrin tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣì í.

Wọ́n ní ká lọ tún un tẹ̀, torí ẹnì kan kò gbọdọ̀ búra sí ohun tó mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lẹ́jọ́ nínú. Nígbà tí a débẹ̀, ọmọbìnrin náà ní òun ò ṣi nǹkan kan. Ó mú bébà mi jáde, ó gbé e síwájú ìyá mi. Ìyá mi kò lè ka ohun tí mo kọ. Ó yí i padà. Ojú kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí wa ni, èyí tó wà lára ògiri pálọ̀. Èmi ni mo ya á.

Ó ká a sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ fún ọmọbìnrin náà pé, “Má bínú, ọmọ mi. Èmi ni mi ò sọ ọ́ dáadáa fún ọmọ yìí.”

Ọmọbìnrin náà ní kò burú, Ìyá. Ó tún ìwé náà tẹ̀ pẹ̀lú ọdún tó tọ́. Ìyá mi kò wò mí. Ó kàn na ọwọ́ méjèèjì sí mi bí a ṣe jáde.

“Ra omi. Tún da á sí mi lọ́wọ́.”

Mo ní àlùwàlá rẹ̀ kò tíì bàjẹ́.

“Àwọn ààfáà ní irọ́ kì í ba àlùwàlá jẹ́. Tèmi ti bàjẹ́. Da omi.”

Mo da á. Ẹ̀rù tó bà mí níbẹ̀ ju ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ.

Bàbá akọ̀wé tún un kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyá mi ní òótọ́ ni. Ó gbé ọwọ́ lé Kùránì, ó tún ọ̀rọ̀ ìbúra sọ tẹ̀lé e, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n gbé íńkì wá, ó wo àtàǹpàkò rẹ̀, ó ní òun ti ní tòun lára. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò wá. Ó tẹ̀ka. Bàbá náà fọwọ́ sí i pé òun ló túmọ̀ rẹ̀, obìnrin náà fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀.

Mi ò dá fọ́ọ̀mù iṣẹ́ náà padà. Ọgbọ̀n ni mí, ó wà nínú ìwé. Ìwé náà ni mo ń mú kiri báyìí láti fi tún ọdún inú NIN mi ṣe, wọ́n sì ń ní kí n lọ kí n bọ̀. Táìlì ni mo ṣì ń lẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, ìyá mi kò bá mi wí. Ó di ìwé náà mú nínú láílọ́ọ̀nù lórí itan rẹ̀ títí a fi ń wọ Ìdímù. Ibẹ̀ ló ti bi mí, jẹ́jẹ́, bóyá wọ́n ń ṣe irú ìwé yìí fún ẹni tó ti kú. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kò burú, òun kàn bèèrè ni, ó sì na ìwé náà sí mi.